Àdúrà fún ìgbà tí àmín kò jáde lẹ́nu

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, ara rẹ̀ le, orúnkún nìkan ló ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni mo ti ń wá bí n ó ṣe dá ọ lóhùn. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbàdúrà fún mi mọ́. Àmín ò jáde lẹ́nu mi mọ́." Mo dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí o rò pé inú ló bí mi. Inú kò bí mi rárá. Ibi tí mo mọ̀ dunjú ni ọ̀rọ̀ náà ti bá mi, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán dá ọ lóhùn, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní sọ fún ọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́. Ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún rèé tí o ti sin ilẹ̀ baba rẹ tán. Nígbà Kérésìmesì, o fi ìwé tí o ń kọ ibi tí o ti wáṣẹ́ sí hàn mí: ibi 133. Nínú wọn, 11 ló dáhùn, mẹ́rin ló pè ọ́ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ọ̀hún gba 15,000 náírà lọ́wọ́ rẹ fún fọ́ọ̀mù, nígbà tí o sì débẹ̀, ọjà ni wọ́n ní kí o máa tà, kí o sì mú èèyàn mẹ́ta mìíràn wá sábẹ́ rẹ. O sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ẹkún yẹn jẹ́ àìnígbàgbọ́, kò tíì wáṣẹ́ rí.

Èmi ti wá a rí. Ọdún 1985 ni mo jáde ní yunifásítì. Nígbà tí mo fi máa parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ mi ní 1986, ìjọba ológun ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa ń pè ní Sáàpù dé, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ibi tí mo bá kàn lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọn ò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà yẹn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti wo àpótí ìjọ wa bóyá lẹ́tà wà níbẹ̀ fún mi. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni mo fi lọ. Ó dé ìgbà kan tí ọkùnrin tó ń jókòó níbẹ̀ kì í jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán kó tó mi orí. Mi ò sọ èyí fún ọ rí: ní oṣù kan nínú ọdún kejì yẹn, mo fi àdúrà sílẹ̀. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọmọ Olùkàwé ni mí, àwọn èèyàn á béèrè mi bí mi ò bá lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi nìkan ló ń mì.

Irọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì oṣù ni ó yí padà díẹ̀. O mọ̀ pé nínú Ìwé Àdúrà wa, wọ́n pín Sáàmù sí ọgbọ̀n ọjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ láti orí 12 dé 14. Bàbá mi ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n bá àwọn kà á. Mo kàwé náà bí ẹni ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà, títí mo fi dé orí 13: "Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?" Ohùn mi há. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, kò sì yé mi rí pé ẹ̀sùn ni. Ẹnì kan ń fi Ọlọ́run sùn fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀, ìjọ sì ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ ọ́ lórin láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Orí yẹn ni mo fẹ́ kí á jọ wò, torí òun ni n ó fi kọ àdúrà rẹ. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni. Ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ìráhùn ni látòkèdélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Kò kọ́kọ́ dúpẹ́, kò kí Ọlọ́run, kò ní "bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ." Nínú ìbéèrè kẹta, ó ní títí di ìgbà wo ni òun yóò máa gbìmọ̀ nínú ọkàn òun. Wo ọ̀rọ̀ yẹn, Àyìnkẹ́. Ìgbìmọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ìlú bá ń gbìmọ̀, ọba wà níbẹ̀, ìjòyè wà níbẹ̀, bí ọ̀kan bá ṣì í sọ, èkejì á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí nìkan ni ọba, òun ni ìjòyè, òun náà ni ẹlẹ́jọ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ ní aago méjì òru nìyẹn, nígbà tí o bá jí tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: ká ní mo ka ẹ̀kọ́ mìíràn ni, ká ní mo tẹ̀ lé lágbájá lọ sí Èkó, ká ní mo ti kó lọ sókè òkun nígbà tí ọ̀nà ṣì wà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́nìkan kì í tú. Ìdí tí ó fi wá gbé e jáde fún Ọlọ́run nìyẹn, kí ẹlòmíràn lè jókòó níbẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe sáré kọjá ibẹ̀. Àwa àgbà ìjọ ni a ba àwọn ọmọ jẹ́ níbí. Ọmọ bá ṣí ẹnu láti ráhùn, a ti pariwo "má sọ bẹ́ẹ̀!" Ọmọ á wá gbé ìráhùn náà mì, àdúrà tó bá sì gba orí rẹ̀ kọjá kì í lágbára.

Ẹsẹ kẹta àti ìkẹrin ni ẹ̀bẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ tọrọ yà mí lẹ́nu: kí Ọlọ́run mú ojú òun mọ́lẹ̀ kí òun má bàa sun oorun ikú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rò pé ìmọ̀ tàbí ìran ló ń tọrọ. Ìgbà tí mo ka ìtàn Jónátánì nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 14 ló tó yé mi. Wọ́n ń jagun, Sọ́ọ̀lù sì ti fi ìbúra de gbogbo ọmọ ogun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun títí di alẹ́. Jónátánì kò gbọ́. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan oyin nínú igbó, ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ebi ni ó ti mú kí ojú rẹ̀ ṣú. Ó wá sọ ọ́ ní gbangba pé ìyà ni bàbá òun fi jẹ àwọn ọmọ ogun, pé ìṣẹ́gun ìbá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ká ní wọ́n ti jẹun. Ohun tí ọkùnrin inú Sáàmù ń tọrọ ṣáájú ni okun inú ara. Ó fẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ là.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, aláìfomikanu, nítorí iṣẹ́ yìí. Mo bẹ̀ ọ́, má gbà á. Ààwẹ̀ dára fún ẹni tó ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìwọ ń jẹun lójúmọ́ báyìí, o rò pé a ò mọ̀. Ààwẹ̀ tí o máa gbà wà lára rẹ tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run sì rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní kí o gbé irúgbìn owó wá kí òun tó lè ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún ọ. Nínú ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti san nǹkan kan. Bí 15,000 ẹni tó ní òun ní iṣẹ́ ti dùn ọ́ tó, ti ẹni tó ní òun ní Ọlọ́run yóò dùn ọ́ jù ú lọ.

Ó kù ẹsẹ méjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣùgbọ́n." Èmi yóò gbẹ́kẹ̀ lé àánú rẹ, n ó kọrin. Ní ọjọ́ tí mo kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹsẹ kẹrin àti ìkarùn-ún. Mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́tà kò dé, ọ̀tá kò kú. Ibi tó wà ló ti sọ ọ́. Ìyẹn ló fún mi láyè, torí mo ti ń rò pé ọjọ́ tí mo bá ríṣẹ́ ni n ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, pé bí mo bá sọ ọ́ ṣáájú, irọ́ ni mo ń pa.

Bí o bá wá dé ibi "ṣùgbọ́n" yẹn tí kò jáde, dúró síbẹ̀. Òótọ́ ni mo ń sọ fún ọ. Sáàmù 88, tí a ń kà ní àárọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, kò ní irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ló parí sí, àwọn baba ìgbàgbọ́ kò sì wá nǹkan dídùn lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mú un jẹ́ àdúrà ni pé Ọlọ́run ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìráhùn tí o bá sọ fún un ti tó fún alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ láìfi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. O sọ lórí fóònù pé ì bá sàn kí o sùn kí o má jí. O ní eré lo ń ṣe. Mi ò gbà á sí eré. Èlíjà sọ irú rẹ̀ lábẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò gbà á, kò sì bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn. Ó tún jí i, ó tún fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí ó fi jẹun lẹ́ẹ̀mejì.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther náà kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nípa ara rẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọmọdé ni, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, ó jẹ́wọ́ pé ní àsìkò náà, òun gbìyànjú láti pa ara òun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọkàn òun ni kò gbà á. Ọdún tó tẹ̀ lé ti ìkólẹ́rú ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ padà ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Bí o bá ka "yóò ti pẹ́ tó" lédè Yorùbá, rántí pé ẹni tó ṣáájú iṣẹ́ náà mọ òru tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ọmọdékùnrin yẹn ní 1821 pé yóò rí ìyá rẹ̀. Ẹni bá sọ ọ́, irọ́ ni kò ní yàtọ̀ sí létí rẹ̀.

Nítorí náà, bí èrò yẹn bá tún dé, pè mí lóru ọjọ́ náà, má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Jí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń gbé, má dá wà nínú yàrá. Bí oorun kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohun tí o fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọ mọ́, a ó jọ lọ rí dókítà. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, Abẹ́òkúta, tí àwọn èèyàn wa ń lọ tí ara wọn ń yá. Kì í ṣe àwọn tó ń rìn kiri ojú títì nìkan ni ibẹ̀ wà fún. Èmi ni n ó san owó rẹ̀, èmi ni n ó jókòó tì ọ́.

Àdúrà náà nìyí. Kà á sókè, kó dé etí rẹ. Bí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ kì í bá ṣe tìrẹ, pa á rẹ́, kí o fi tìrẹ sí i.

*Olúwa, yóò ti pẹ́ tó? Ọdún mẹ́ta ti kọjá. Ṣé o ti gbàgbé mi ni? Ìwé 133 ni mo kọ, o mọ orúkọ gbogbo wọn. Yóò ti pẹ́ tó tí n ó máa jí ní aago méjì òru láti bá ara mi ṣẹjọ́? Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí síwájú, mo wo ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ríṣẹ́, mo bá a jó, ṣùgbọ́n ìlara ń jó nínú mi, ojú sì ń tì mí nítorí rẹ̀. Ó sú mi láti máa gba owó lọ́wọ́ bàbá tó ti fẹ̀yìn tì. Ó sú mi kí wọ́n máa béèrè pé "níbo lo wà báyìí?" Inú ń bí mi sí ọ. Mo sọ ọ́ fún ọ nítorí mi ò mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.*

*Wò mí, Olúwa Ọlọ́run mi, dá mi lóhùn. Mú ojú mi mọ́lẹ̀. Fún mi ní oorun lálẹ́ òní. Fún mi ní okun tí n ó fi kọ ìwé kan ṣoṣo lọ́la. Iṣẹ́ ni mo ń tọrọ, mi ò fi ọ̀rọ̀ wé e: iṣẹ́ tí wọ́n á máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù, tí n ó fi san owó ilé, tí n ó fi ra ankara fún ìyá mi. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni èyí tí mo ń wò tọ́ sí, jẹ́ kí n lè rí èyí tí mi ò wò. Pa mí mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àìní mi ṣòwò. Má jẹ̀ẹ́ kí n sun oorun ikú. Má jẹ̀ẹ́ kí àìríṣẹ́ sọ fún mi pé òun ti borí, pé òun ni orúkọ mi.*

*Ṣùgbọ́n èmi yóò gbẹ́kẹ̀ lé àánú rẹ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń di í mú. O ṣe é fún mi rí, nígbà tí ibà fẹ́ pa mí ní ọmọ ọdún méje. O ṣe é nígbà tí owó ilé ìwé kò sí tí ó sì wá dé. Mi ò tíì lè kọrin. Gba èyí tí mo kùn yìí títí ohùn mi yóò fi padà. Nítorí Jésù Olúwa wa.*

Mi ò kọ àmín sí i. Ìwọ ni o máa sọ ọ́, ní ọjọ́ tó bá jáde.

O lè béèrè bí tèmi ṣe parí. Ilé iṣẹ́ ọba tí mo ń gbàdúrà sí kò pè mí dòní. Ní oṣù kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ kan lábúlé nílò ẹni tó lè kọ́ wọn ní ìṣirò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, mo gbà á títí mo fi rí èyí tó dára jù. Ìbànújẹ́ ti èyí tí mi ò rí kò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìyá rẹ.

Ọ̀la ni ọjọ́ kejì oṣù. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, n ó ka orí 13 ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá lè kà á níbi tí o wà, kà á. Bí o kò bá lè kà á, n ó kà á fún àwa méjèèjì.

Ìyá rẹ ti di gàrí, èlùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ sínú àpò. Awakọ̀ tí a máa ń bá ránṣẹ́ yóò kúrò ní Òṣogbo ní àárọ̀ Sátidé, yóò dé Ìwó Róòdù kí aago mẹ́wàá tó lù. Jọ̀ọ́, gbé fóònù rẹ sọ́wọ́.

Bàbá rẹ.